Bí a ṣe ń ṣètò kọmíṣọ̀n fún aṣojú ọjà: iye tó yẹ, ìgbà tó yẹ kí a san án, àti òfin tó yẹ kó wà lórí ìwé

Ìbéèrè tí àwọn olùpín ọjà kéékèèké máa ń bi mí jù lọ ni pé, "Ìdá mélòó nínú ọgọ́rùn-ún ni kí n máa fún àwọn tó ń bá mi tajà?" Kò sí iye kan ṣoṣo tó bá gbogbo ọjà mu. Ẹni tó bá dárúkọ iye kan fún yín láìkọ́kọ́ béèrè iye tí ẹ ń ra ọjà àti iye tí ẹ ń ná lé e lórí, òwò tirẹ̀ ni ó ń sọ, kì í ṣe tiyín.

Ẹni tí mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ni ẹni tó ń kó ọjà onípáálí láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é, tó ní ilé ìkẹ́rùsí kan, tó sì ní aṣojú bíi méjì sí mẹ́wàá tó ń bá a tà á fún àwọn oníṣọ́ọ̀bù. Ọṣẹ ìfọṣọ onípáálí ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn iye owó inú rẹ̀ jẹ́ ti àpẹẹrẹ lásán, nítorí náà ẹ fi iye tiyín rọ́pò wọn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

## Ẹ kọ́kọ́ dáhùn èyí: ṣé aṣojú ni, tàbí alágbàtà?

Ẹ bi ara yín pé, títí oníṣọ́ọ̀bù yóò fi sanwó, ta ni ó ni ọjà náà? Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ni, tí owó tí oníṣọ́ọ̀bù san sì jẹ́ tiyín, ẹni tó bá yín tà á jẹ́ aṣojú, kọmíṣọ̀n sì ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ó ti fi owó ara rẹ̀ ra ọjà náà lọ́wọ́ yín, alágbàtà ni. Ohun tí ẹ jẹ alágbàtà kò ju iye tó dára àti ọjà tó pé lọ.

Èyí tó ń dá ìjà sílẹ̀ jù ni ti ẹni tí wọ́n ń pè ní aṣojú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ pàṣẹ iye tí yóò tà á fún un, ṣùgbọ́n tí wọ́n ń pè ní alágbàtà nígbà tí ọjà bá bàjẹ́ tàbí tí oníṣọ́ọ̀bù bá sá lọ. Ẹ mú ọ̀kan. Aṣojú ni gbogbo ohun tó kù nínú ìtọ́sọ́nà yìí dá lé, àfi níbi tí mo bá ti sọ pé ó yàtọ̀.

## Apá kìíní: wíwá iye kọmíṣọ̀n

1. Ẹ wá àlékún orí páálí kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ra páálí ọṣẹ kan ní ₦20,000, tí ẹ sì ń tà á fún oníṣọ́ọ̀bù ní ₦21,600, àlékún yín jẹ́ ₦1,600. Bí ilé iṣẹ́ bá ń fún yín ní owó àfikún ní ìparí ìdá mẹ́rin ọdún, ẹ má tíì kà á mọ́ ọn. Owó tí kò tíì wọlé kò ṣe é pín.

2. Ẹ yọ ìnáwó tó wà lórí páálí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣírò gbogbo ohun tí ẹ ná ní oṣù mẹ́ta tó kọjá lórí ọkọ̀, alábàárù, owó ilé ìkẹ́rùsí, ọdẹ, ọjà tó bàjẹ́ àti owó tí báńkì yọ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi iye páálí tí ẹ tà láàárín oṣù mẹ́ta náà pín in. Nínú àpẹẹrẹ wa:

- ọkọ̀ àti alábàárù: ₦350
- ilé ìkẹ́rùsí àti ọdẹ: ₦250
- ọjà tó bàjẹ́ tàbí tó jò: ₦100
- owó báńkì àti gbèsè tí kò wọlé mọ́: ₦100

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦800. Nígbà tí a bá yọ ọ́ kúrò nínú ₦1,600, ₦800 ló kù. Inú ₦800 yìí ni kọmíṣọ̀n ti gbọ́dọ̀ jáde, kì í ṣe inú ₦21,600.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n gbọ́ pé ẹnì kan tó ń ta ìpara tàbí aṣọ ń fún aṣojú ní ìdá 5 nínú 100, àwọn náà sì kéde ìdá 5. Ìdá 5 nínú ₦21,600 jẹ́ ₦1,080. Ẹni tí ₦800 kù sí lọ́wọ́, tó sì san ₦1,080, ń pàdánù ₦280 lórí páálí kọ̀ọ̀kan, bí aṣojú rẹ̀ bá sì ṣe já fáfá tó ni àdánù rẹ̀ yóò ṣe pọ̀ tó. Kì í tètè hàn, torí pé ọjà ń jáde, owó sì ń wọlé. Ìgbà tó bá fẹ́ tún ọjà kó ni yóò tó rí i pé owó tó wà nílẹ̀ kò ra iye páálí tó ń rà tẹ́lẹ̀ mọ́.

3. Ẹ pín ohun tó kù. Lójú tèmi, kí aṣojú gba ìdá méjì nínú márùn-ún, kí ẹ̀yin gba ìdá mẹ́ta, jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀, torí pé ẹ̀yin ni owó yín wà nínú ọjà, ẹ̀yin ni ewu àwìn sì wà lọ́rùn yín. Ìdá méjì nínú márùn-ún ₦800 jẹ́ ₦320. Bí ẹ bá fi wé iye tí ẹ tà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan ààbọ̀ nínú 100. Lójú ẹni tó ń fọkàn sí ìdá 5, ó kéré, ṣùgbọ́n iye tí ọjà yìí gbà nìyẹn.

4. Ẹ kọ ọ́ ní náírà, ẹ má kọ ọ́ ní ìdá. Ẹ kọ "₦320 lórí páálí ọṣẹ kọ̀ọ̀kan", kí ẹ sì kọ iye ti ọjà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ilé iṣẹ́ fi owó lé ọjà, tí ẹ wá ń rà á ní ₦25,400, tí ẹ sì ń tà á ní ₦27,000. Àlékún yín ṣì jẹ́ ₦1,600, ìnáwó yín kò sì dín kù. Síbẹ̀, bí ẹ bá ti ṣe àdéhùn ìdá kan ààbọ̀, kọmíṣọ̀n ti di ₦405 láìsí ẹni tó ṣiṣẹ́ kún iṣẹ́. Iye tí a kọ ní náírà kì í dédé gòkè. Ṣùgbọ́n ẹ fi ọjọ́ àtúnyẹ̀wò sí i, bí àpẹẹrẹ lẹ́ẹ̀kan ní oṣù mẹ́ta, nítorí pé owó ọkọ̀ aṣojú náà ń gòkè, kò sì tọ́ kí iye náà dúró lójú kan títí.

Àǹfààní kejì rẹ̀ ni pé ẹ lè fi iye náà darí ọjà. Bí gbogbo ọjà bá ń mú iye kan náà wá, èyí tó rọrùn láti tà nìkan ni aṣojú yóò máa gbé. Ọjà tuntun tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù kò tíì mọ̀ lè gba ₦50 sí i fún oṣù méjì péré, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí àfikún náà yóò parí sínú ìwé.

5. Ẹ fi ojú aṣojú wò ó. Ọ̀pọ̀ ń fo ìgbésẹ̀ yìí, ìdí nìyẹn tí aṣojú wọn kì í fi í pẹ́ lọ. Bí aṣojú bá ń ná ₦1,200 lórí ọkọ̀ lójúmọ́, tó sì ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ₦26,400 ti lọ kí ó tó jẹun. Owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin Nàìjíríà jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024. Kí iye náà tó lè kù sí i lọ́wọ́, ó ní láti rí ₦96,400, ìyẹn bíi páálí 301 ní ₦320 kọ̀ọ̀kan, tàbí páálí 14 lójúmọ́.

Ẹ wá bi ara yín bóyá agbègbè tí ẹ fún un lè gba páálí 14 lójúmọ́. Bí kò bá lè gbà á, kì í ṣe iye kọmíṣọ̀n ni ẹ máa fi kún, torí kò sí ibi tí yóò ti jáde. Ẹ fi ọjà mìíràn kún ohun tó ń gbé, tàbí kí ẹ fẹ agbègbè rẹ̀, tàbí kí ẹ so agbègbè méjì pọ̀ fún ẹnì kan. Aṣojú mẹ́ta tó ń jẹun yó sàn ju mẹ́fà tí ebi ń pa lọ, torí aṣojú tí ebi ń pa ni owó ọjà kọ́kọ́ ń di oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

### Bí ẹ bá fẹ́ fi àfikún sí i fún ẹni tó tà púpọ̀

Ẹ lè sọ pé páálí 250 àkọ́kọ́ nínú oṣù gba ₦320, kí èyí tó bá kọjá 250 sì gba ₦380. Ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì níbẹ̀ ni *èyí tó bá kọjá*. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹni tó bá ti kọjá 250 yóò gba ₦380 lórí gbogbo páálí rẹ̀, páálí 250 yóò mú ₦80,000 wá, páálí 251 yóò sì mú ₦95,380 wá. Páálí kan ṣoṣo ti di ₦15,380. Aṣojú tó bá ń ronú yóò ta páálí yẹn ní ₦10,000 fún ẹni tó bá rí, yóò fi owó ara rẹ̀ dí i, yóò sì tún jèrè. Àwọn mìíràn á kó ọjà oṣù tó ń bọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ wọn ní ọjọ́ 30, kí wọ́n tó kó o padà ní ọjọ́ 3. Bí ẹ bá rí i pé ọjà máa ń jáde rẹpẹtẹ ní ọjọ́ méjì tó kẹ́yìn oṣù, tí ó sì máa ń dákẹ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ lọ yẹ bí ẹ ṣe kọ òfin àfikún yín wò.

## Apá kejì: ìgbà wo ni kọmíṣọ̀n di ẹ̀tọ́?

Bí ẹ kò bá rántí ohun mìíràn nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ẹ rántí èyí: owó tó wọlé ni à ń san kọmíṣọ̀n lé lórí, kì í ṣe ọjà tó jáde.

Nígbà kan tí mo ń bá olùpín ọjà kan ní Ìbàdàn tọ́jú ìwé ìṣirò rẹ̀, ọjà tó bá kúrò ní ilé ìkẹ́rùsí ni wọ́n ń kà. Èmi náà ni mo ń ṣe ìṣirò rẹ̀, n kò sì sọ nǹkan kan, torí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe bá a. Ọ̀kan nínú àwọn aṣojú kó ọjà fún gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó bá ti gbà á, ó gba kọmíṣọ̀n rẹ̀ ní ìparí oṣù, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní oṣù kejì. Ó ti wá ku àwọn tó jẹ gbèsè, tí a kò sì mọ ilé púpọ̀ nínú wọn. Kò jí nǹkan kan. Ohun tí òfin wa ní kí ó ṣe ló ṣe.

1. Ẹ sọ ohun tí "owó wọlé" túmọ̀ sí. Kí oníṣọ́ọ̀bù fi owó ránṣẹ́ tààrà sí àkáǹtì iṣẹ́ yín, kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà sì wà nínú àlàyé tó fi ránṣẹ́. Owó wọlé nígbà tí ẹ bá rí i nínú àkáǹtì fúnra yín, kì í ṣe nígbà tí oníṣọ́ọ̀bù bá fi àwòrán rìsíìtì han aṣojú, torí àwòrán àti àlẹ́ẹ̀tì irọ́ pọ̀ nígboro. Owó tí aṣojú bá gbà lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ wọ àkáǹtì kí ó tó di aago méjìlá ọ̀sán ọjọ́ kejì.

2. Aṣojú kò gbọdọ̀ yọ ti ara rẹ̀ kúrò nínú owó ọjà. Kódà bí ó bá jẹ́ iye tó tọ́ sí i gan-an. Kí gbogbo owó kọ́kọ́ wọlé, kí ẹ sì san tirẹ̀ jáde fún un. Ọjọ́ tí ẹ bá gbà á láyè láti máa fi èyí tó kù ránṣẹ́ ni ẹ kò ní mọ iye tí oníṣọ́ọ̀bù san gan-an mọ́.

3. Ẹ fi àkókò sí àwìn. Ẹ̀yin ni kí ẹ fọwọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó lè gba àwìn àti iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ so kọmíṣọ̀n mọ́ ọjọ́:

- owó tó wọlé láàárín ọjọ́ 14: kọmíṣọ̀n pé
- láti ọjọ́ 15 dé 30: ìdajì
- lẹ́yìn ọjọ́ 30: kò sí kọmíṣọ̀n mọ́, ṣùgbọ́n aṣojú ṣì gbọ́dọ̀ bá yín gbà á

Ẹ ṣọ́ra níbí. Bí ṣọ́ọ̀bù tí ẹ fọwọ́ sí kò bá san, kì í ṣe aṣojú ni yóò san iye ọjà náà. Kọmíṣọ̀n rẹ̀ nìkan ni ó pàdánù. Ṣùgbọ́n bí ó bá fún ṣọ́ọ̀bù tí ẹ kò fọwọ́ sí ní àwìn, ọrùn rẹ̀ ni gbèsè náà wà. Ẹni tó bá di gbogbo gbèsè lé aṣojú lórí yóò rí i pé aṣojú kò ní gbé ọjà fún ẹni tuntun mọ́, tàbí kí ó máa fi owó Tàíwò san gbèsè Kẹ́hìndé títí tí ìṣirò yóò fi dàrú.

4. Ọjà tó padà wá. Bí oníṣọ́ọ̀bù bá dá páálí tó jò padà, tí ẹ sì fún un ní òmíràn, ẹ má fọwọ́ kan kọmíṣọ̀n, nítorí owó rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ yín. Bí ẹ bá dá owó padà, ẹ yọ kọmíṣọ̀n páálí náà nínú ti oṣù tó tẹ̀ lé e. Ẹ fi gbèdéke sí i: ọjà tó bá lé ní ọjọ́ 30 ní ṣọ́ọ̀bù kò ní padà mọ́, àfi tí àléébù rẹ̀ bá wá láti ilé iṣẹ́.

5. Ẹ̀dínwó àti èènì. Oníṣọ́ọ̀bù yóò béèrè, kò sí bí kò ṣe ní béèrè. Ẹ fún aṣojú ní iye tí kò gbọdọ̀ tà kéré sí, kí ẹ sì sọ ẹni tí ìyàtọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀. Ìlànà tí mo fara mọ́ ni pé bí ẹ bá fọwọ́ sí ẹ̀dínwó ₦100, kọmíṣọ̀n dín ní ₦40, tiyín sì dín ní ₦60, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe pín èrè. Bí ó bá ṣe ẹ̀dínwó láìbéèrè, gbogbo rẹ̀ jáde láti inú kọmíṣọ̀n rẹ̀. Bákan náà, kò gbọdọ̀ fi owó lé iye tí ẹ kọ. Oníṣọ́ọ̀bù tó bá mọ̀ pé ẹnì kejì rà á ní ₦21,600, tí òun sì rà á ní ₦22,000, ẹ̀yin ni yóò bínú sí.

## Apá kẹta: ìṣirò oṣù kan

Ẹ jẹ́ ká mú aṣojú kan tó ń tajà láti Mókólá dé Sángo ní Ìbàdàn. Ó kó páálí 360 láàárín oṣù. Nígbà tí oṣù parí:

- páálí 300: owó wọn ti wọlé, gbogbo rẹ̀ láàárín ọjọ́ 14
- páálí 44: wọ́n wà ní àwìn ní ṣọ́ọ̀bù tí a fọwọ́ sí
- páálí 16: wọ́n ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, a sì kà wọ́n pé

Kọmíṣọ̀n páálí 250 àkọ́kọ́ jẹ́ ₦80,000. Páálí 50 tó kọjá rẹ̀, ní ₦380, jẹ́ ₦19,000. Àpapọ̀ jẹ́ ₦99,000. Lẹ́yìn owó ọkọ̀ rẹ̀, ₦72,600 ló kù sí i lọ́wọ́. Nínú ₦240,000 tí páálí 300 náà mú wá lẹ́yìn ìnáwó, ₦141,000 ló kù fún olùpín ọjà. Páálí 44 tó wà ní àwìn kò tíì mú kọ́bọ̀ wá fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì, bó sì ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ní oṣù kejì, owó páálí 30 nínú 44 náà wọlé kí ọjọ́ 14 tó pé, ti 9 wọlé ní ọjọ́ 20, 5 kò sì tíì wọlé. Nínú ìṣirò oṣù kejì, 30 gba ₦320 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦9,600. 9 gba ₦160 kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦1,440. 5 kò gba nǹkan kan. Páálí 6 jò nínú 300 ti oṣù àkọ́kọ́. A fi òmíràn rọ́pò 4, a sì dá owó 2 padà. Nítorí pé orí iye tó kọjá 250 ni a ti yọ wọ́n, ₦380 ni a yọ lórí kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ₦760.

Ẹ kọ ìṣirò yìí sí ojú ewé kan, kí ẹ fún aṣojú ní ẹ̀dà kan kí ẹ tó sanwó, kí ó sì ní ọjọ́ mẹ́ta láti takò ó. Bí ẹ bá ń lo ìwé ìṣirò orí kọ̀ǹpútà, tí iye páálí tí owó wọn wọlé láàárín ọjọ́ 14 sì wà ní àpótí B2, èyí ni yóò ṣírò rẹ̀ fún yín:

```
=MIN(B2,250)*320+MAX(B2-250,0)*380
```

Ẹ san kọmíṣọ̀n ní ọjọ́ kan náà lóṣooṣù, bí àpẹẹrẹ ọjọ́ karùn-ún. Fún aṣojú tuntun tí kò ní owó ọkọ̀ lọ́wọ́, ẹ lè san án lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ fún oṣù méjì àkọ́kọ́, kí àfikún tó wà lórí èyí tó kọjá 250 sì dúró di ìparí oṣù. Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe ni kí ẹ máa fún un ní owó "kí ó fi gbé e ná" láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù kẹta, ẹ̀yin méjèèjì yóò ní iye tí ẹ rántí, iye méjèèjì kò sì ní bára mu.

## Apá kẹrin: ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé àdéhùn

Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní abala 91, yọ aṣojú àti àwọn tó ń rìn kiri tajà kúrò lára àwọn tí ó ń pè ní òṣìṣẹ́, níwọ̀n ìgbà tó bá jẹ́ pé òde ibi iṣẹ́ ẹni tó gbà wọ́n ni wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ náà. Nítorí náà, àwọn òfin tó sọ bí a ṣe ń san owó òṣìṣẹ́ àti ohun tí a lè yọ nínú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dé ọ̀dọ̀ yín. Ìwé tí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí ni òfin tó wà láàárín yín, ohun tí kò bá sì sí nínú rẹ̀ yóò di "mo rò pé".

Ojú ewé méjì tó. Ẹ rí i pé àwọn nǹkan wọ̀nyí wà níbẹ̀:

- [ ] iye kọmíṣọ̀n ọjà kọ̀ọ̀kan ní náírà, àti ọjọ́ àtúnyẹ̀wò
- [ ] ohun tí "owó wọlé" túmọ̀ sí, àti àkáǹtì tí owó gbọ́dọ̀ wọ̀
- [ ] ẹni tó ń fọwọ́ sí àwìn, gbèdéke rẹ̀, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 14 àti 30
- [ ] iye páálí tó lè wà lọ́wọ́ aṣojú lẹ́ẹ̀kan náà, àti ọjọ́ tí ẹ ó máa kà wọ́n
- [ ] agbègbè rẹ̀, àti ẹni tó ni oníbàárà tó bá wá fúnra rẹ̀
- [ ] orúkọ àti àdírẹ́sì onídùúró kan, pẹ̀lú ìfọwọ́sí rẹ̀
- [ ] bí ẹ ó ṣe yanjú owó nígbà tí ẹ bá pínyà

Méjì nínú wọn nílò àlàyé díẹ̀. Àkọ́kọ́ ni ti oníbàárà tó bá wá fúnra rẹ̀. Oníṣọ́ọ̀bù tí aṣojú wá rí lè gba nọ́ńbà yín lára páálí, kí ó sì pè yín tààrà ní oṣù tó tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá tà á fún un, tí ẹ kò sì fún aṣojú ní nǹkan kan, ẹ ti kọ́ ọ pé kí ó máa fi oníbàárà pamọ́ fún yín. Mo máa ń dámọ̀ràn pé kí ẹ ka ọjà bẹ́ẹ̀ mọ́ ti aṣojú tó ni agbègbè náà ní ìdajì kọmíṣọ̀n, níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń bẹ ṣọ́ọ̀bù náà wò.

Èkejì ni ti ọjà tó sọnù lọ́wọ́ aṣojú. Ẹ máa kà á lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ẹ má dúró di ìparí oṣù. Bí páálí méjì bá dín, iye tí ẹ ń tà á fún oníṣọ́ọ̀bù, láìsí kọmíṣọ̀n, ni kí ó san. Kí ẹ sì kọ bí ẹ ó ṣe máa yọ ọ́: kí ó má ju ìdá kan nínú mẹ́rin kọmíṣọ̀n oṣù kan lọ, kí ó lè rí owó ọkọ̀ tí yóò fi jáde lọ́jọ́ kejì. Bí ó bá dín lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù mẹ́ta, ẹ dáwọ́ fífún un ní ọjà ọwọ́ dúró, kí ó máa gba ìbéèrè ṣọ́ọ̀bù nìkan, kí ọkọ̀ yín sì máa gbé ọjà náà lọ.

## Bí ètò yìí kò bá bá òwò yín mu

*Bí ọjà yín bá kéré, tí ẹ kò sì ní ẹni tó lè máa ṣe ìṣirò:* ẹ sọ wọ́n di alágbàtà. Ẹ ta páálí fún wọn ní ₦21,280, ìyẹn iye oníṣọ́ọ̀bù láìsí kọmíṣọ̀n, kí wọ́n sanwó lójú ẹsẹ̀. Àwìn, èènì àti ẹ̀dínwó kò kàn yín mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní mọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù tó ń ra ọjà yín mọ́ pẹ̀lú, bí alágbàtà náà bá sì lọ, gbogbo wọn bá a lọ.

*Bí agbègbè náà bá jẹ́ tuntun pátápátá:* ẹ fún aṣojú ní owó ọkọ̀ tí iye rẹ̀ kò yí padà fún oṣù mẹ́ta, kí kọmíṣọ̀n sì jẹ́ ₦200 dípò ₦320 ní àkókò náà. Owó ọkọ̀ yìí kì í ṣe owó oṣù. Ẹ kọ ọjọ́ tí yóò parí sínú ìwé, torí owó tí kò ní ọjọ́ ìparí máa ń di ẹ̀tọ́.

## Nígbà tí ẹ bá pínyà

Ẹ ka ọjà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ náà gan-an, níwájú ẹlẹ́rìí kan, kí ẹ̀yin méjèèjì sì fọwọ́ sí iye tí ẹ kà. Ẹ jọ lọ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù tó jẹ gbèsè, kí oníṣọ́ọ̀bù kọ iye tó jẹ, kó sì fọwọ́ sí i. Ìrìn yìí ṣe pàtàkì ju ìwé lọ, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ̀ bóyá oníṣọ́ọ̀bù ti sanwó fún aṣojú tí owó náà kò sì dé ọ̀dọ̀ yín. Kọmíṣọ̀n tó kẹ́yìn dúró fún ọjọ́ 30, kí ọjà tó lè padà ti padà, lẹ́yìn náà kí ẹ san èyí tó kù pé. Owó àwìn tó bá wọlé láàárín ọjọ́ 30 náà ṣì gba kọmíṣọ̀n rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lọ, torí òun ló tà á.

Bí gbèsè bá ṣẹ́kù, ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Òfin Ọlọ́pàá ti ọdún 2020, ní abala 32, sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí pé ó yẹ àdéhùn nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé aṣojú gba owó lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, tó sì kó o jẹ, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Ìwé tí oníṣọ́ọ̀bù fọwọ́ sí ni yóò fi ìyàtọ̀ náà hàn. Fún gbèsè lásán, ẹ kọ̀wé sí i, kí ẹ kọ̀wé sí onídùúró rẹ̀, kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ tí ẹ fẹ́ gba owó náà. Ní Èkó, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ gbèsè kéékèèké ti wà láti ọdún 2018 fún iye tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Bí ẹ bá ń lọ síbẹ̀, ohun tí ẹ ó mú dání ni ìwé àdéhùn, ojú ewé ìṣirò oṣooṣù tí ó ti gba ẹ̀dà rẹ̀, àti iye ọjà tí ẹ jọ kà.